Ẹsẹ̀ Tó Rọ́ Kì í Ṣe Ohun Tí À Ń Fà

Ẹsẹ̀ rírọ́ ni kí iṣan tó so eegun mọ́ eegun ní kókósẹ̀ nà kọjá bó ṣe yẹ, kí ó ya díẹ̀, tàbí kí ó já pátápátá. Lórí pápá bọ́ọ̀lù, ọ̀nà kan náà ló sábà máa ń gbà ṣẹlẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù fò sókè láti forí kan bọ́ọ̀lù, ó sì balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Tàbí ó ń sáré lọ ní etí pápá, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bọ́ sínú kòtò kékeré tí àgbàrá gbẹ́ sílẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ á yí sínú, gbogbo ìwúwo ara á sì sọ̀ kalẹ̀ sórí ìta kókósẹ̀. Iṣan mẹ́ta ló di ìhà ìta yẹn mú. Èyí tó wà níwájú, tó ti ṣóńṣó eegun kókósẹ̀ lọ síwájú ẹsẹ̀, ni kò lágbára tó àwọn yòókù, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ ya. Iṣan ìhà inú nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í tètè ya. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ìhà inú bá ń dun agbábọ́ọ̀lù gan-an, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tètè sọ pé ẹsẹ̀ kàn rọ́ ni.

Ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ìlú méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn tí wọn ò sì jìnnà sí Òṣogbo, bí eléyìí bá ṣẹlẹ̀ lórí pápá ilé ìwé lọ́jọ́ Sátidé, ohun tí àwọn tó yí pápá ká máa ṣe ti wà lọ́kàn wọn kí ẹni tó ṣubú tó pariwo tán. Wọ́n á fa ẹsẹ̀ náà, kí eegun lè padà sí àyè rẹ̀. Wọ́n á fi Rọ́ọ̀bù tàbí Àbóníkì pa á, wọ́n á sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ọwọ́ á fi gbóná. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní kí ó dìde, kí ó fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀. Bó bá lè tẹ̀ ẹ́, eré ń lọ. Bí kò bá lè tẹ̀ ẹ́, ilé ló kàn, níbi tí omi gbígbóná àti aṣọ ìnura ti ń dúró dè é. Kì í ṣe àwọn ìlú méjì yìí nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, bàbá kọ́ ọmọ, ọmọ náà sì ń kọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí tó tọ́ lórí pápá, ẹ̀kẹta ló sì léwu jù.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí fífà. Ẹ̀rí tí àwọn tó ń fà á máa ń tọ́ka sí ni ìró tó máa ń ta kọ́ nígbà mìíràn bí wọ́n bá ti yí ẹsẹ̀ náà. Wọ́n á ní eegun ti wọlé. Ìró yẹn kò yàtọ̀ sí èyí tó máa ń dún bí èèyàn bá fa ìka ọwọ́ rẹ̀: afẹ́fẹ́ inú omi oríkèé ló fà á, kò sì sọ ohunkóhun nípa ibi tí eegun wà. Nínú ẹsẹ̀ tó rọ́, eegun kò kúrò láyè rẹ̀. Iṣan ló ya, iṣan tó ya kì í sì í so padà nítorí pé wọ́n tún fà á. Bó bá wá jẹ́ pé lóòótọ́ ni eegun yẹ̀, ojú á rí i: ẹsẹ̀ á dojú kọ ibòmíràn, awọ á nà tan-tan lórí eegun, kò sì ní sẹ́ni tó máa nílò àlàyé. Ẹsẹ̀ báyìí kò sì yẹ fún ọwọ́ ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé ẹ̀yìn eegun yẹn gan-an ni òpó ẹ̀jẹ̀ àti iṣan tí a fi ń mọ ìmọ̀lára gbà lọ sí ọmọ ìka. Dókítà máa ń fà á padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n oògùn ìrora ló máa ń ṣíwájú, ó sì mọ ìhà tó ń fà á sí. Bí eegun kò bá yẹ̀, fífà kò wúlò; bó bá yẹ̀, fífà lè ba ohun tó kù jẹ́.

Ọ̀rọ̀ gbígbóná gba àlàyé díẹ̀ sí i, nítorí pé ó ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Àwọn tó fara mọ́ ọn máa ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ti kó jọ síbẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n tú u ká. Òótọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò kó jọ síbẹ̀ nítorí pé ó ti sùn tàbí pé kò rìn mọ́. Ó ń jò ni. Nígbà tí iṣan ya, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó wà lára rẹ̀ ya pẹ̀lú, ẹ̀jẹ̀ àti omi ara sì ń jáde sínú ẹran fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ara ní ọ̀nà tó ń gbà dá a dúró: àwọn òpó náà á fún ara wọn pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì dì sí ẹnu wọn. Omi gbígbóná ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, ọwọ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sì ń ṣí ẹnu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dí. Nígbà tó bá máa fi di òwúrọ̀, ẹsẹ̀ tí ì bá wú díẹ̀ ti lè wú débi pé kókósẹ̀ kò ṣeé dá mọ̀ mọ́. Ní ọdún 1988, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe lórí ẹni 30 tí kókósẹ̀ wọn rọ́. Wọ́n fi omi tútù tọ́jú àwọn kan, wọ́n fi omi gbígbóná tọ́jú àwọn kan, wọ́n sì ń lo méjèèjì, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, fún àwọn tó kù, láti ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ karùn-ún. Àwọn tó lo omi tútù ni ẹsẹ̀ wọn wú kéré jù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí jíjò ti lọ sílẹ̀, kò sí ìdí tí wákàtí àkọ́kọ́ á fi dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló wá dé tí gbogbo èèyàn fi ń jẹ́rìí sí i pé ó ṣiṣẹ́ fún àwọn? Ohun méjì ni. Àkọ́kọ́ ni pé òróró inú àwọn ìpara yẹn máa ń mú kí awọ tutù kí ó sì gbóná lẹ́ẹ̀kan náà, ọpọlọ á sì gbájú mọ́ èyí, á gbàgbé ìrora díẹ̀. Ìrora ló lọ sílẹ̀, kì í ṣe ọgbẹ́. Èkejì ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹsẹ̀ tó rọ́ ló máa ń san bópẹ́ bóyá, ohun yòówù kí wọ́n fi pa á. Ẹni tí tirẹ̀ san ní ọ̀sẹ̀ kẹrin lẹ́yìn omi gbígbóná á dúpẹ́ lọ́wọ́ omi gbígbóná. Kò sí bó ṣe lè mọ̀ bóyá ọ̀sẹ̀ kejì ni ì bá ti san.

Ó yẹ kí á jẹ́wọ́ ohun kan níhìn-ín kí ẹni tó ń ta ko ọ̀rọ̀ yìí tó mú un wá. Yìnyín tí wọ́n sábà máa ń ní kí á lò dípò ohun gbígbóná náà ti ní àwọn tó ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Gabe Mirkin, tó kọ́kọ́ sọ ìlànà ìsinmi, yìnyín, báńdéèjì àti gbígbé ẹsẹ̀ sókè di mímọ̀ nínú ìwé rẹ̀ ní 1978, tún padà sọ ní nǹkan bí ọdún 2014 pé yìnyín tó pọ̀ àti ìsinmi tó gùn lè fa ìwòsàn sẹ́yìn. Òótọ́ ni. Ohun tí yìnyín ń ṣe tó dájú ni pé ó ń dín ìrora kù. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tí èyí fi gba omi gbígbóná là. Ohun tí Mirkin ń sọ ni pé kí á má ṣe fi yìnyín ṣe àṣejù. Kò sọ pé kí á fi Rọ́ọ̀bù rọ́pò rẹ̀.

Ohun tó tọ́ lórí pápá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé kí rẹfirí dá eré dúró, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹni tó ṣubú jókòó síbi tó wà. Wọn ò gbọdọ̀ fa apá rẹ̀ dìde. Kí ẹnì kan ṣoṣo tọ́jú rẹ̀, kí àwọn yòókù sún sẹ́yìn. Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè bó ṣe ṣubú àti ibi tó ń dùn ún, wọ́n á sì wo bí ẹsẹ̀ náà ṣe rí ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ kejì. Bí ó bá wọ́ tàbí tí eegun yọ jáde lára awọ, ọwọ́ kò gbọdọ̀ kan án mọ́: ẹ fi bàtà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ náà ró bó ṣe wà, ilé ìwòsàn ló kàn. Bí kò bá wọ́, kí wọ́n tú okùn bùútù sílẹ̀ pátápátá, kí wọ́n rọra bọ́ ọ kúrò kí ẹsẹ̀ tó wú mọ́ ọn, kí wọ́n sì bọ́ ìbọ̀sẹ̀ kí ojú lè rí ọmọ ìka. Ọmọ ìka tó funfun tàbí tó ṣú, tó tutù, tàbí tí kò mọ̀ bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, ti jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rírọ́.

Fún yìnyín, kò sí ìdí láti wá ohun tó jìnnà. Omi ọ̀rá tó ti dì, èyí tí wọ́n ń tà ní ẹ̀gbẹ́ pápá, ló dára jù lọ fún iṣẹ́ yìí: ó mọ níwọ̀n, ó ṣeé dì mọ́ ẹsẹ̀, bó bá sì ń yọ́ ni ó ń tẹ̀ lé bí kókósẹ̀ ṣe rí. Kí wọ́n fi aṣọ tínrín tó tutù wé e kí ó tó kan awọ, nítorí pé yìnyín tó dì gan-an lè jó awọ bí iná ṣe ń jó o. Ìṣẹ́jú 10 sí 20 tó, kí wọ́n gbé e kúrò, kí wọ́n sì tún gbé e síbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí méjì tàbí mẹ́ta bí ìrora bá ṣì wà, fún ọjọ́ kìíní àti ìkejì. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í mọ nǹkan dáadáa kò gbọdọ̀ lo yìnyín láìjẹ́ pé nọ́ọ̀sì ń wò ó, nítorí pé kò ní mọ̀ bí awọ bá ti ń kú.

Báńdéèjì tó ń nà ni wọ́n á wá fi wé e. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọmọ ìka, wọ́n á gba gìgísẹ̀ kọjá bíi kíkọ nọ́ńbà 8, wọ́n á sì parí rẹ̀ sókè kókósẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló yẹ kí ó le díẹ̀, òkè ló yẹ kí ó dẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ̀ bó bá le jù rọrùn: kí wọ́n tẹ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ títí á fi funfun, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ó yẹ kí àwọ̀ rẹ̀ padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ìka bá ń ta á bí abẹ́rẹ́, kí wọ́n tú u kí wọ́n sì tún un wé. Alẹ́ ni kí wọ́n máa tú u kí aláìsàn tó sùn. Bí ó bá jókòó tàbí tó dùbúlẹ̀, kí wọ́n fi ìrọ̀rí gbé ẹsẹ̀ náà ga ju àyà rẹ̀ lọ. Fún ìrora, parasítámọ̀ tó àgbàlagbà: ẹyọ méjì oní mílígíráàmù 500, kí ó tó wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó tún lo òmíràn, kó má sì ju ẹyọ mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Gbogbonìṣe àti abẹ́rẹ́ tí kẹ́míìsì ń gún fún ẹni tó fẹ́ padà sórí pápá kò sí nínú ìtọ́jú.

Ọ̀rọ̀ pípadà sórí pápá gan-an ni ìgbésẹ̀ kẹta tó léwu jù. Èrò tó wọ́pọ̀ ni pé bí èèyàn bá lè mi ọmọ ìka tàbí tó lè tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀, eegun rẹ̀ kò ṣẹ́. Irọ́ gbáà ni. Iṣan tó ń mi ọmọ ìka ti inú ẹran ojúgun wá, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú bóyá eegun kókósẹ̀ ṣẹ́ tàbí kò ṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tí eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ ló rìn wọ ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù ní ilé ìwòran máa ń mú Neymar wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí: ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, nígbà tí Bùràsílì ń bá Sàbíà gbá nínú ìdíje Ife Àgbáyé ní Kátà, kókósẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ rọ́, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún ìṣẹ́jú 11 sí i kí wọ́n tó yọ ọ́. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé nígbà tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá, yìnyín ni wọ́n gbé lé e, kì í ṣe ohun gbígbóná. Pé wọ́n yẹ inú ẹsẹ̀ náà wò lọ́jọ́ kejì. Pé kò sí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e. Àti pé ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá ló tó padà wọ pápá. Ọjọ́ 11 gbáko, fún ẹni tí àwọn olùtọ́jú ara ń ṣọ́ tọ̀sán-tòru. Ọmọ ilé ìwé gíga tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ìfọ́n kò ní irú wọn.

Iṣan tó ya kò sọ fún ọpọlọ mọ́ ibi tí ẹsẹ̀ wà, nítorí náà ẹsẹ̀ náà á tún yí níbi tí ẹsẹ̀ tó dá kò ní yí. Yíyí kejì lórí iṣan tó ti ya díẹ̀ lè já a tán. Kò sí ipò nínú ìdíje àdúgbò kankan tó tó èyí.

Bí mímì ọmọ ìka kò bá wá jẹ́ ẹ̀rí, kí ni ẹ̀rí? Àwọn dókítà ní Ọ́táwà, orílẹ̀-èdè Kánádà, tí Ian Stiell ṣáájú wọn, tẹ ìlànà kan jáde ní 1992 tí gbogbo ayé ń lò títí di òní. Wọ́n ṣe é nítorí pé wọ́n ń ya fọ́tò ẹ́síréè fún gbogbo kókósẹ̀ tó wú, tí èyí tó ṣẹ́ nínú wọn sì kéré. Ìwúwo owó ẹ́síréè ló bí i, ìdí nìyẹn tó fi bá ìlú tí ẹ́síréè jìnnà sí mu. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ẹsẹ̀ ṣe wú tó kò sọ nǹkan kan. Ibi tó ń dun èèyàn bí wọ́n bá tẹ eegun ló ń sọ̀rọ̀.

Ìka kan ni kí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe gbogbo ọwọ́. Ibi àkọ́kọ́ ni ẹ̀yìn eegun kókósẹ̀ ti ìta, láti ṣóńṣó rẹ̀ lọ sókè tó sẹ̀ǹtímítà 6, tó tó ìbú ìka mẹ́ta àgbàlagbà. Ibi kejì ni irú rẹ̀ ní ìhà inú. Bí eegun ọ̀kan nínú wọn bá dùn bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, ó di ẹ́síréè. Ibi kẹta ni eegun tó yọ gọngọ ní agbedeméjì ẹ̀gbẹ́ ìta ẹsẹ̀, ìdí eegun tó lọ sí ọmọńdinrín. Ẹ̀kẹrin sì ni eegun tó ga díẹ̀ ní ìhà inú ẹsẹ̀, níwájú kókósẹ̀, lókè kòtò àtẹ́lẹsẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìrìn: ìṣísẹ̀ mẹ́rin, méjì lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kódà kó jẹ́ pé ó ń tiro. Ẹni tí kò lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin lójú ẹsẹ̀ tó ṣubú, tí kò sì tún lè gbé e nígbà tí nọ́ọ̀sì ń wò ó, gbọ́dọ̀ ya fọ́tò. Ìrìn yìí kì í ṣe ti ẹni tó fẹ́ padà sórí pápá; ìdánwò ni, ẹ̀yìn títẹ eegun ni wọ́n sì ń ṣe é, kì í ṣe ṣáájú. Ẹni tí eegun rẹ̀ ti dùn kò ní ohun tó fẹ́ fi ìrìn dánwò lórí pápá mọ́.

Ká ní agbábọ́ọ̀lù méjì ṣubú nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan náà, ọ̀kan láti Ìlobùú, ọ̀kan láti Ìfọ́n, àwọn méjèèjì ti lé ní ọmọ ogún ọdún. Ti Ìlobùú wú bí ẹyin láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo èèyàn sì ti ń pariwo pé ó ti ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yìn eegun kò dùn ún rárá. Ibi rírọ̀ tó wà níwájú ṣóńṣó kókósẹ̀ ló mú kó ké, níbi tí iṣan àkọ́kọ́ wà. Ó gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ó ń fajú ro, ṣùgbọ́n ó gbé e. Yìnyín, báńdéèjì àti ilé ni tirẹ̀, wọ́n á sì tún un tẹ̀ wò lọ́jọ́ kejì. Ti Ìfọ́n kò wú tó bẹ́ẹ̀, ó sì ti ń sọ pé òun lè padà wọlé. Kókósẹ̀ rẹ̀ kò dùn ún. Ṣùgbọ́n bí ìka ṣe kan eegun gọngọ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìta ẹsẹ̀ ló fa ẹsẹ̀ yọ. Iṣan kan wà tó lẹ̀ mọ́ eegun yẹn, bí ẹsẹ̀ bá sì yí sínú lójijì, ó lè fa apá kan eegun ya. Ẹni tí wọn ò pariwo nítorí rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ lọ ya fọ́tò. Bó bá jẹ́ pé bí ẹsẹ̀ ṣe wú ni wọ́n fi dá ẹjọ́ àwọn méjèèjì, ẹni tó yẹ kó lọ sílé ni wọ́n á gbé lọ sí Òṣogbo, èkejì á sì padà sórí pápá.

Ìlànà yìí ní ibi tó mọ. Ẹni tó ti mutí kò ṣeé fi dánwò, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ní ọgbẹ́ mìíràn tó ń dùn ún ju ẹsẹ̀ lọ, àti ẹni tí àtọ̀gbẹ ti mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú. Ọmọdé tún ni ọ̀ràn ọ̀tọ̀. Ní ìpẹ̀kun eegun ọmọ tó ṣì ń dàgbà ni ibi rírọ̀ kan wà tí eegun ti ń gùn sí i, iṣan ọmọdé sì lè lágbára jù ú lọ. Ìyẹn ni pé ohun tó máa ya iṣan bàbá lè ba ibi ìdàgbàsókè eegun jẹ́ lára ọmọ, ẹ́síréè fúnra rẹ̀ sì lè má fi í hàn. Ọmọ tí eegun rẹ̀ dùn bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, tàbí tó kọ̀ láti tẹlẹ̀, dókítà ni kó rí i, kódà bí kò bá wú.

Àwọn àmì mìíràn tún wà tí kò sí nínú ìlànà Ọ́táwà tí wọn kò sì gbọdọ̀ fojú fò. Bí eegun bá ń dùn lókè ojúgun, nítòsí orúnkún, lẹ́yìn tí kókósẹ̀ yí, eegun tínrín tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ojúgun lè ti ṣẹ́ lókè. Bí ẹni náà bá gbọ́ ìró ní ẹ̀yìn gìgísẹ̀, tó dà bíi pé ẹnì kan ta á nípàá, ẹ jẹ́ kí ó dojú bolẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ̀ kọjá etí bẹ́ǹṣì, kí wọ́n fún ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀: bí àtẹ́lẹsẹ̀ kò bá mira, iṣan ńlá ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ló já. Bí ìrora bá ń pọ̀ sí i dípò kó máa dín kù, tí ẹsẹ̀ le gbagidi, tí oògùn kò ràn án, kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì.

Níbí ni ọ̀rọ̀ àwọn tí í to eegun ti wọlé. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọn ò mọ nǹkan kan, ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tó rọ́ ló sì ti san lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ máa ń le nígbà mìíràn kọjá ohun tí ẹran tó ń wú lè gbà. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń wú lábẹ́ ọ̀pá ni ẹ̀jẹ̀ kò ní rí ọ̀nà kọjá, ẹran á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àwọn dókítà ilẹ̀ Nàìjíríà ti kọ nípa rẹ̀ léraléra, gígé ẹsẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń já sí. Ẹni tó bá ti ní ọ̀pá lẹ́sẹ̀, tí ọmọ ìka rẹ̀ wá ṣú, tó tutù, tàbí tó kú, kí wọ́n tú u lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má sọ pé kó fara dà á.

Láti Ìlobùú tàbí Ìfọ́n, ibi tí ẹsẹ̀ tí wọ́n fura sí ń lọ ni ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ wọn, tàbí Òṣogbo, níbi tí ilé ìwòsàn Asùbíàrò àti ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà. Ọ̀kadà kò yẹ fún ìrìn yìí, nítorí pé ẹsẹ̀ á máa rọ̀, gbogbo kòtò ọ̀nà á sì máa mì í. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ló dára: kí aláìsàn jókòó sẹ́yìn, kí ó na ẹsẹ̀ náà sórí ìjókòó, kí wọ́n ká páálí mọ́ ọn ní ìhà méjèèjì kí wọ́n sì fi aṣọ dì í wọ́ọ́rọ́wọ́.

Fún ẹsẹ̀ tí kò ṣẹ́, àṣìṣe kejì tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n dá ẹni náà dùbúlẹ̀ fún oṣù kan. Lẹ́yìn ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, kí ó máa fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kọ álífábẹ́ẹ̀tì sínú afẹ́fẹ́, kí ó máa tẹlẹ̀ bí ìrora bá ṣe gbà á láyè, kí ó sì wá máa dúró lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, kí ọwọ́ rẹ̀ wà nítòsí ògiri. Ìgbà yìí, tí wíwú ti dúró, ni omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kò ṣe nǹkan mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó lè lò ó. Ẹni tó bá lè dúró lórí ẹsẹ̀ náà fún ìdajì ìṣẹ́jú láìmì, tó lè fò sókè lórí rẹ̀ láìdùn, tó sì lè sáré kí ó yà sọ́tùn-ún sósì, lè padà sórí pápá. Bí kò bá tíì lè rìn dáadáa lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún sí méje, bí awọ bá pupa tó gbóná tí ibà sì ń mú un, tàbí bí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá wú tó ń dùn ún, kí ó lọ rí dókítà. Bákan náà ni ẹni tí tirẹ̀ ti san ṣùgbọ́n tí ó tún ń rọ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú lẹ́yìn oṣù mẹ́ta: iṣan rẹ̀ kò so padà bó ṣe yẹ, iṣẹ́ olùtọ́jú ara àti dókítà eegun sì ni ti rẹ̀.